Owó Kànga Kì í Ṣe Owó Jẹnẹrétọ̀: Lẹ́tà sí Àbúrò Mi, Akápò Ìjọ

Lọ́ńdọ̀nù,
Oṣù Keje.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Bá mi sọ fún wọn pé mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní kí o sọ, n óò sì pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ akápò tí ìjọ gbé lé ọ lọ́wọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ nínú ìwé yìí, nítorí ìbéèrè tí o bi mí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń dáhùn lórí fóònù.

O ní ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́ fi hàn pé ₦6,090,000 ló wà lọ́wọ́ ìjọ nígbà tí oṣù Kẹfà parí. O ní bí ìgbìmọ̀ ṣe gbọ́ iye yẹn báyìí, wọ́n ní kí wọ́n ra jẹnẹrétọ̀ tuntun, ₦1,800,000, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó kànga tí àwa ọmọ ìjọ tó wà níbí dá jọ, kí wọ́n sì dá a padà lẹ́yìn ìkórè. O wá béèrè bóyá ó burú. Ó burú. Ṣùgbọ́n má ṣe dé ìpàdé kí o kàn sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ló ní ó burú, nítorí àwọn àgbà á ní ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ. Gbé ìwé síwájú wọn, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé ìjọ kò ní ₦1,800,000.

Ìwọ náà mọ alájọ ọjà wa. Bí àpò rẹ̀ bá kún bámúbámú nírọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó máa sọ pé olówó ni, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé owó olówó ló wà nínú rẹ̀, ti oníṣu wà níbẹ̀, ti aláṣọ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àkáǹtì ìjọ rí. Iye tí báńkì kọ ń sọ bí owó ṣe pọ̀ tó, kò sọ ohun tí a lè fi í ṣe. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti sọ ìyẹn.

Mo ti jókòó ti àwọn ìwé tí o yà fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo sì pín owó náà sí àpò mẹ́rin. Àpò ìjọ ni ọrẹ ọjọ́ Ìsinmi, ìdámẹ́wàá àti ọrẹ ìdúpẹ́, èyí tí ẹni tó mú un wá kò sọ ohun pàtó kan tí a gbọ́dọ̀ fi ṣe. Àpò òrùlé ni owó tí a dá nígbà tí Alùfáà kéde pé òrùlé ń jò. Àpò opó ni èyí tí àwọn ènìyàn ń fi sínú àpòòwé tí a kọ «Àwọn Opó» sí. Àpò kànga sì ni tiwa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹfà nìyí:

| Àpò | Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún | Tó wọlé | Tó jáde | Tó ṣẹ́kù |
|---|---|---|---|---|
| Ìjọ | ₦450,000 | ₦3,100,000 | ₦3,380,000 | ₦170,000 |
| Òrùlé | ₦1,500,000 | ₦1,900,000 | ₦700,000 | ₦2,700,000 |
| Opó | ₦350,000 | ₦260,000 | ₦240,000 | ₦370,000 |
| Kànga | 0 | ₦3,000,000 | ₦150,000 | ₦2,850,000 |
| Gbogbo rẹ̀ | ₦2,300,000 | ₦8,260,000 | ₦4,470,000 | ₦6,090,000 |

Wo ìsàlẹ̀ pátápátá lápá ọ̀tún: ₦6,090,000, ó bá ti báńkì mu rẹ́gí. Bí kò bá bá a mu, má ṣe kúrò nídìí rẹ̀ títí tí wàá fi rí ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Ó lè jẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì tí ẹni tó gbà á kò tíì lọ gbowó rẹ̀. Ó lè jẹ́ owó tí báńkì yọ fún iṣẹ́ tiwọn. Ó sì lè jẹ́ owó tó wà nínú àpótí ní ọ́fíìsì tí a kò tíì gbé lọ.

Wàyí o, wo ìlà àkọ́kọ́. Owó tí ìgbìmọ̀ lè fi ra ohun tó wù wọ́n kò ju ₦170,000 lọ. ₦5,920,000 tó kù, owó àdéhùn ni. Olúkúlùkù tó mú un wá ti sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ fi ṣe, ìjọ sì gbà á lọ́wọ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Wọ́n á sọ pé àwọn kò ní jẹ owó náà, àwọn kàn fẹ́ yá a ni. Má bá wọn jiyàn lórí bóyá wọ́n jẹ́ olóòótọ́, olóòótọ́ ni wọ́n. Béèrè ohun kan péré: inú kí ni wọ́n ti máa san án padà? Láàárín oṣù mẹ́fà tó kọjá, ₦3,100,000 wọ àpò ìjọ, ₦3,380,000 jáde níbẹ̀. Owó oṣù olórin, ti ẹ̀ṣọ́, iná ìjọba, dísẹ̀lì, àtúnṣe ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo wọn fi ₦280,000 ju ohun tó wọlé lọ. Àpò tó ń fà sẹ́yìn báyìí kò lè san gbèsè ₦1,630,000 tó máa kù bí a bá tilẹ̀ yọ ₦170,000 rẹ̀ kúrò nínú owó jẹnẹrétọ̀. Ìkórè tí wọ́n gbójú lé sì ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ nílẹ̀: bí o bá yẹ ìwé ọdún tó kọjá wò, wàá rí i pé owó ìkórè ni a fi san gbogbo owó oṣù láti oṣù Kọkànlá títí dé Kejìlá. Ohun tí wọ́n ń pè ní yíyá yìí, bí ọdún kan bá kọjá lórí rẹ̀, kò sí ẹni tó máa rántí pé a yá nǹkan kan. Bí owó kànga ṣe ń di owó dísẹ̀lì nìyẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni jalè.

Ọ̀nà tí wàá fi máa mọ̀ bóyá ó ti ń ṣẹlẹ̀ kò le. Lóṣooṣù, ro gbogbo àpò àdéhùn pọ̀, kí o sì fi wé owó tó wà ní báńkì àti lọ́wọ́. Bí owó tó wà nílẹ̀ bá kéré sí àròpọ̀ yẹn, àpò ìjọ ti ń jẹ nínú owó àwọn ẹlòmíràn. Ká ní wọ́n ra jẹnẹrétọ̀ náà lónìí: báńkì á ku ₦4,290,000, àwọn àpò àdéhùn á ṣì máa béèrè ₦5,920,000, àpò ìjọ á sì wà nínú gbèsè ₦1,630,000. Àpò tó bá ti wọ gbèsè, kọ gbèsè náà síbẹ̀ bó ṣe rí, má fi owó àpò mìíràn bò ó mọ́lẹ̀ kí ìwé lè dára lójú. Àwọn akápò kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìtìjú, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bà jẹ́.

O tún sọ pé ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní jẹnẹrétọ̀ náà ló máa fa omi kànga, nítorí náà iṣẹ́ kànga ni. Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn bí ọlọgbọ́n. Wá ìwé tí a fi bá owó náà rán. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni wíwá omi, gbígbẹ́ kànga, ẹ̀rọ tó ń fa omi, tánkì àti ẹnu ẹ̀rọ méjì tí àwọn ará àdúgbò lè ti bu omi. Jẹnẹrétọ̀ kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, béèrè ohun tí wọ́n máa lò ó fún jù. Èyí tí wọ́n fẹ́ rà yìí ń gbé iná fún gbogbo ilé ìjọsìn, fún ohun èlò orin àti fún ilé Alùfáà. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kò ní lò ó ju wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́. Bí a kò bá tilẹ̀ kọ ìwé kankan, kò bójú mu kí kànga san gbogbo owó ohun tí ìjọ ló máa lò ó jù. Nígbà tí kànga bá ti ń ṣiṣẹ́, bí owó bá ṣẹ́kù nínú àpò rẹ̀, ẹ lè kọ̀wé sí wa pé ẹ fẹ́ kí ó máa ra ìpín dísẹ̀lì tí wọ́n fi ń fa omi. Wákàtí tí wọ́n fi fa omi ni kí ẹ fi ṣírò rẹ̀, kí ó wà nínú ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Ìyẹn a gbọ́.

Má ṣe rò pé èmi lè fi ẹnu ara mi yọ̀ǹda owó náà nítorí pé orúkọ mi ló wà lórí ìwé báńkì. Èmi kàn ni mo gbà á jọ. Ìyá kan tó ń fọ ilé ìwòsàn lóru wà nínú àwọn tó dá a, omi ni wọ́n sì fi owó wọn rà lọ́kàn wọn. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ yí ohun tí owó wà fún padà, kí wọ́n kọ̀wé, kí wọ́n sọ iye tí wọ́n fẹ́ àti ìdí rẹ̀, kí n kà á fún gbogbo wa. Ẹni tó bá ní rárá, ìpín tirẹ̀ kò ṣe é fọwọ́ kàn.

Ohun tó ń sọ owó di owó àdéhùn ni mo fẹ́ kí o mọ̀ dájú, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣe àṣìṣe. Kì í ṣe dandan kí ìwé wà. Nígbà tí Alùfáà dúró lórí pèpéle tó ní «ẹ bá wa kan òrùlé yìí», gbogbo ohun tó wọlé lórí ìkéde yẹn ti di ti òrùlé láti ọjọ́ náà. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ láti fóònù rẹ̀ tó kọ «opó» síbi àlàyé ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Nítorí náà, máa tọ́jú ìwé ìkéde ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n fi wé àkàrà. Òun ni ẹ̀rí rẹ lọ́jọ́ tí àríyànjiyàn bá dé.

Èyí tí ìgbìmọ̀ fúnra wọn yà sọ́tọ̀ kì í ṣe irú rẹ̀. O kọ̀wé pé o kò lè fọwọ́ kan ₦100,000 tí wọ́n ní kí a fi sílẹ̀ fún ìrìnàjò àwọn ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. O lè fọwọ́ kàn án. Inú ₦170,000 àpò ìjọ ló wà, àwọn ló yà á sọ́tọ̀, àwọn náà lè jókòó kí wọ́n dá a padà, bí wọ́n bá ti kọ ìpinnu náà sínú ìwé ìpàdé. Ohun tí ìgbìmọ̀ so, ìgbìmọ̀ lè tú u. Ohun tí olùfúnni so, kò sí lọ́wọ́ wọn. Bí o bá da méjèèjì pọ̀, wàá máa bá wọn jà lórí owó tó jẹ́ tiwọn, wọ́n á sì kọ etí ikún sí ọ nígbà tí o bá ń sọ òótọ́ nípa ti kànga.

Ọ̀rọ̀ òrùlé yóò dé láìpẹ́, nítorí ₦2,700,000 ti wà nílẹ̀, o sì ní káfíńtà sọ pé ₦2,300,000 ni iṣẹ́ tó kù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ₦400,000 yóò ṣẹ́kù, inú àpò òrùlé náà ni yóò sì ṣì wà. Kò di ọfẹ́ nítorí pé iṣẹ́ parí. Ẹ lè dúró kí ẹ fi ṣe àtúnṣe òrùlé yẹn lọ́jọ́ iwájú, tàbí kí ẹ kéde fún àwọn tó dá a, kí ẹ gba ohùn wọn. Láti ìsinsìnyí lọ, gbogbo ìgbà tí Alùfáà bá máa kéde ìdáwó, kọ gbólóhùn kan fún wọn kí wọ́n kà á mọ́ ọn: «Bí owó yìí bá ju ohun tí iṣẹ́ náà gbà lọ, tàbí tí kò tó láti ṣe é, a ó fi ṣe àtúnṣe mìíràn nínú ilé ìjọsìn.» Gbólóhùn yẹn gbọ́dọ̀ ṣíwájú owó. Bí owó bá ti wọlé tán kí ẹ tó sọ ọ́, ó ti pẹ́.

Níbí yìí, òfin gbé ọ̀rọ̀ yìí le gan-an. Fọ́ọ̀mù kan wà tí ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ẹgbẹ́ àánú ní Ẹńgíláǹdì àti Wéèlì ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, CC16a ni wọ́n ń pè é. Àyè ọ̀tọ̀ wà níbẹ̀ fún owó gbogboogbò, ọ̀tọ̀ fún owó àdéhùn, ọ̀tọ̀ sì tún ni fún owó tí a kò gbọ́dọ̀ ná ìdí rẹ̀. Òun ni mo máa ń kọ fún àwọn ìjọ tí mo ń bá ṣe ìwé. Àwọn olùtọ́jú ẹgbẹ́ tó bá ná owó àdéhùn sí ibi tí kò yẹ lè rí i pé àpò ara wọn ni wọ́n máa fi dí i. Nílé, òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020 ní kí owó ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ máa lọ sí ohun tí a torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìkan, kò gbọ́dọ̀ di èrè fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé bóyá orúkọ ìjọ tiwa ni a fi forúkọ sílẹ̀ ní Àbújá tàbí abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ni a wà, nítorí ẹni tí ìwé ọdọọdún kàn dúró lórí ìyẹn.

Bí wàá ṣe máa ṣe é nìyí. Ra ìwé owó ńlá kan, kí o fa ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí tí àyè mẹ́rin yóò fi wà fún àpò mẹ́rin, pẹ̀lú àyè karùn-ún fún àròpọ̀. Owó kọ̀ọ̀kan tó wọlé tàbí tó jáde ní láti jókòó sínú àyè kan. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ka méjì ni, pín in: ọkọ̀ tó kó pákó òrùlé àti ìrẹsì opó lọ́jọ́ kan náà, ìpín tirẹ̀ ni kí àpò kọ̀ọ̀kan san. Owó tí báńkì ń yọ, àpò ìjọ ni kí o kọ ọ́ sí. Èlé tí owó kànga bá pa ní báńkì, kànga ló ni ín. Rìsíìtì tí o bá já fún ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ àpò tó lọ sí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ènìyàn méjì tí kò bára wọn tan ka owó pọ̀, kí wọ́n ya ti àpòòwé opó àti ti òrùlé sọ́tọ̀ kí wọ́n tó da ọrẹ yòókù pọ̀, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé.

Wọ́n á ní kí o ṣí àkáǹtì mẹ́rin dípò gbogbo wàhálà yìí. Kò pọn dandan. Ìwé tó pín dáadáa lè mú kí owó àpò mẹ́wàá wà ní àkáǹtì kan láìsí ìdàrúdàpọ̀, àkáǹtì mẹ́rin tí akápò ń fà láti ọ̀kan sí èkejì láìkọ nǹkan kan sì lè dàrú. Ṣùgbọ́n nítorí pé owó kànga pọ̀, mo fẹ́ kí ó ní àkáǹtì tirẹ̀, kí ènìyàn mẹ́ta jẹ́ afọwọ́sí, kí méjì nínú wọn sì máa fọwọ́ sí ohunkóhun tó bá máa jáde.

Iye tí mo kọ síbi ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni o ní láti fi ọwọ́ pàtàkì mú. Inú ìwé ìkéde, ìwé rìsíìtì àti ìwé akápò tó kúrò níbẹ̀ ni mo ti yọ ọ́, ibì kan sì wà tí kò mọ́lẹ̀ tó: ₦200,000 tí a kọ «ọrẹ pàtàkì» sí nìkan. Mo fi í sínú àpò ìjọ fún ìgbà díẹ̀. Lọ bá ẹni tó mú un wá, kí o béèrè ohun tó ní lọ́kàn. Bí ó bá ní òrùlé ni, ₦170,000 yẹn ti di gbèsè ₦30,000 nìyẹn, kí ìgbìmọ̀ sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fọwọ́ sí iye ìbẹ̀rẹ̀ yìí nínú ìwé ìpàdé, kí ẹnikẹ́ni má baà tún padà sẹ́yìn lọ gbẹ́ ẹ jáde.

Nípa jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, n kò ní kí ìjọ wà lókùnkùn. Kí wọ́n kéde ìdáwó fún un ní orúkọ tirẹ̀, kí ó ní àpò karùn-ún. Kí wọ́n tún jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ ṣe ná, nítorí o ní mẹkáníìkì bu ₦95,000, àpò ìjọ sì lè gbé ìyẹn bí wọ́n bá dá ₦100,000 ìrìnàjò àwọn ọmọ padà tí ẹni ọrẹ pàtàkì náà kò sì ní òrùlé ni. Kọ́kọ́ lọ bá Alùfáà nílé ṣáájú ìpàdé, kí o fi ìwé àpò mẹ́rin náà hàn wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí ó má dà bí ẹni pé o fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni níwájú àwùjọ. Nígbà tí o bá ń ka ìròyìn owó sétí ìjọ, má ka ₦6,090,000 nìkan mọ́. Ka àpò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí àwọn opó náà gbọ́ pé ₦370,000 ni tiwọn.

Bí ìpàdé bá parí, ya fọ́tò ojú ìwé tí wọ́n kọ ìpinnu sí, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn tó dá owó kànga ń ṣe ìpàdé ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, mo sì fẹ́ kà á fún wọn.

Kí Màmá má gbàgbé oògùn wọn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.